Gbogbo kọńtíróòlù wa wà láàárín ààlà, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń tàn wá jẹ

Odindi páálí rìájẹ́ǹtì tí a fi ń wọn gílúkóòsì inú ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ ibi tí wàhálà wà. Ó ṣì ń dùn mí.

Dókítà kan l'Ákùúrẹ́ níbí ló dá èsì wa padà. A kọ gílúkóòsì 128 mg/dL fún aláìsàn kan tó gbààwẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ 126 ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Mo fọ́nnu pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ wa, mo sì ṣí àtẹ kọńtíróòlù, omi tí a ti mọ iye rẹ̀ tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò, han ọ̀gá mi. Láti oṣù kan, àmì kan ò bọ́ sóde.

Báwo ni yóò ṣe bọ́ sóde? Ààlà tó wà nínú ìwé páálí kọńtíróòlù, 85 sí 115, ni mo fi ya àtẹ náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàbù àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ààlà yẹn gbà láyè. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo bíi tiwa kì í fì tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ya àtẹ kò nira, mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo nílò èsì 20 ọjọ́ tiwa, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì dára. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀. "Ó dáa." "Ó dáa." "Ó dáa." Ojú ewé méjì, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo! Inú ẹ̀rọ ni mo ti lọ ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ọba lọ lẹ́ẹ̀mejì, epo jẹnẹrétọ̀ sì tán nígbà tí mo dé ọjọ́ kẹrìnlá. Ọ̀gá ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo ní láàbù ni?" Mi ò dáhùn.

Iye ààrin jẹ́ 100, SD, ìyẹn bí èsì ṣe máa ń fì sí iye ààrin, sì jẹ́ 3, kì í ṣe 7.5 tí mo ti ń lò. Mo tún àtẹ yà, ó wá hàn gbangba: 101, 102, 102, 104, 104, 105, 106. Kò sí èyí tó kọjá SD méjì, ṣùgbọ́n mẹ́rin tó kẹ́yìn tẹ̀ léra wọn lókè 103, ìyẹn iye ààrin pẹ̀lú SD kan, èyí tí òfin `4-1s` ń ṣọ́. Kọńtíróòlù wa kejì, èyí tí gílúkóòsì rẹ̀ ga, náà ń gùn bákan náà.

Ká ní ó fò lọ́jọ́ kan tó sì dúró síbẹ̀, rìájẹ́ǹtì tuntun ni mo kọ́kọ́ máa fura sí. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yọ́ gùn. Mo ti pààrọ̀ rìájẹ́ǹtì lásán. Mo ṣí ìgò kọńtíróòlù tuntun, 106 náà ni. Mo ṣe káálíbíréṣọ̀n láti tún ìwọ̀n ẹ̀rọ ṣe, ó padà sí 100, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, 104! Gílóòbù tí ẹ̀rọ fi ń ka èsì ló ti gbó. A pààrọ̀ rẹ̀, mo tún káálíbíréṣọ̀n ṣe, èsì sì ń fì sókè-sódò ní 100 bó ṣe yẹ. Aláìsàn yẹn padà wá gbààwẹ̀, ó jẹ́ 120.

Ẹni tó bá tún kọ "ó dáa" sínú ìwé yẹn, òun ni yóò ra epo jẹnẹrétọ̀.