Iná Ọdún Onísólà Tí Kì í Tàn Pẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

"A gbé iná sólà tuntun sóòrùn, kò tàn rárá."

Ẹ tan bọ́tìnnì ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo ojú páńẹ́ẹ̀lì náà, nítorí kì í tàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án.

"Bí iná ìjọba bá ti dé ní alẹ́, tiwa á kú."

Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ló ń tàn sí páńẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Mo ti dáhùn èyí títí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ ra òmíràn.

"Láti ìgbà tí oṣù Kejìlá ti wọlé, kì í tàn ju wákàtí kan lọ."

Eruku ọyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù kúrò, kí ẹ sì máa nù ún lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú páńẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, torí ìhà ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà kọjá ní Èkìtì lásìkò yìí.

"Mo nù ún, mo yí i sí gúúsù, mo ra bátìrì tuntun, síbẹ̀ bákan náà ni."

Irú èyí bá mi fínra nílé ìyá kan ládùúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, tó fẹ́ kí iná ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tàn di ọ̀gànjọ́ lásìkò Kérésìmesì. Mo yọ bátìrì rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ ṣáàjì rẹ̀ kún, mo sì dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Iná náà tàn kọjá ọ̀gànjọ́, èyí tó fi hàn pé bátìrì àti wáyà rẹ̀ kò ní àrùn, páńẹ́ẹ̀lì ni kò gbé agbára wá tó.

Nígbà tí mo fi mítà wọn páńẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án gangan, ó fi fóòtì 2 hàn bó ṣe yẹ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń tan ènìyàn jẹ, torí fóòtì kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ bí páńẹ́ẹ̀lì bá ń kú, áńpù ló ń lọ sílẹ̀. Mo yí mítà sí ìwọ̀n áńpù, mo fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ti páńẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ẹ kò gbọdọ̀ ṣe irú ìwọ̀n yìí lórí bátìrì láéláé. Mílíáńpù 30 ló fi hàn, nígbà tó jẹ́ pé 100 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi wákàtí 5 oòrùn gidi sọ ọ́ di púpọ̀, 150 ni bátìrì ń rí gbà lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ iná náà ń jẹ nǹkan bíi 80 ní wákàtí kan. Kò tilẹ̀ lè pé wákàtí méjì.

Ìbòrí ike ojú páńẹ́ẹ̀lì náà ni oòrùn ti jó, tó ti funfun bí omi ògì, nínù kò sì lè mú un kúrò. Mo ra páńẹ́ẹ̀lì onífóòtì 2 tó ń fúnni ní mílíáńpù 100, mo jó wáyà pupa mọ́ pupa àti dúdú mọ́ dúdú, iná náà sì ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀gànjọ́. Bátìrì tí a lè ṣáàjì nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ti aago odi tí a kì í ṣáàjì lè da omi tàbí kí ó bẹ́.

"Ṣé mo lè fúnra mi so iná ọdún gbogbo ilé mọ́ bátìrì ńlá àti ínfátà?"

Rárá. Ẹ pe oníṣẹ́ iná, torí bí wáyà rere àti òdì bátìrì ńlá bá fara kan ara wọn, wáyà náà á gbóná pupa kí ẹ tó fa ọwọ́ yín kúrò. Ẹ sọ fún un pé iná LED onífóòtì 12 tó ń gba agbára tààrà láti ara bátìrì ni ẹ fẹ́, torí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú bátìrì, kí ó sì fi fíúsì sí itòsí orí bátìrì.