Lẹ́tà ìkówójọ: ẹ má gbára lé orúkọ nìkan

Ẹ̀yin ará, orúkọ nìkan kò tó nínú lẹ́tà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa. Nínú Google Sheets, ẹ kọ bí a ṣe ń pe ẹni náà gan-an sí òpó A: “Ẹ̀gbọ́n Délé”, “Alhaja”. Òpó B ni gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: “Ẹ̀yin lẹ ra àga fún yàrá ìkàwé ní 2019.” Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wọn wà ní D1. Ẹ wá kọ èyí sí C2, yóò so wọ́n pọ̀:

```
=A2&", ẹ kú iṣẹ́ o. "&B2&" "&$D$1
```

Ẹ ya àwọn ojúgbà yín tí ẹ ń pè ní “ìwọ” sí ojú-ìwé mìíràn, kí ẹ sì tún D1 àti ìkíni kọ fún wọn. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn àgbà, ibi tí àgbà ti máa ń bínú nìyẹn: “ìwọ” á kàn yọ sí i láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tí B rẹ̀ bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ wádìí nípa rẹ̀ ná.