Ẹ fi èdè ìwé ẹ̀bẹ̀ ráhùn lábẹ́ àwòrán apanilẹ́rìn-ín
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ kí ìráhùn kékeré pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lábẹ́ àwòrán, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ààfin Ewì, ọba Adó-Èkìtì, kí ẹ sì fi ohun tó ń dùn yín gan-an sí ìparí gbólóhùn. Ẹ wo àwòrán ọmọdé tó tẹjú mọ́ abọ́ iyán rẹ̀. "Iyán yìí kéré" kò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí: "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín, ẹ̀yin àgbà ilé, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fojú àánú wo iyán mi, nítorí ẹran inú ọbẹ̀ ti tóbi jù ú lọ." Ẹ̀rín ń wá nítorí pé ọ̀ràn ilẹ̀ àti ọ̀ràn oyè ni etí wa mọ irú èdè bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ń retí ohun ńlá, òkèlè ló sì bá pàdé. Gbólóhùn ọ̀wọ̀ kan ti tó, nítorí bí ó bá di mẹ́ta, òǹkàwé yóò ti kọjá lọ kí ó tó kan iyán. Ọgbọ́n yìí kò bá ìyà gidi mu, bí àìsàn tàbí owó oṣù tí a kò san, torí pé níbẹ̀, ọ̀ràn náà tóbi tó èdè tí a fi sọ ọ́.