Bí mo ṣe sọ fọ́tò ìyá aláàdìrẹ di àwòrán fífín láìjẹ́ kí màmá rù

Obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, ló gbé fọ́tò màmá náà wá bá mi. Ó fẹ́ kí n sọ ọ́ di irú àwòrán tí wọ́n fín sára igi, tí wọ́n wá fi aró tẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n lè máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò ọjà wọn. Nínú fọ́tò, màmá jókòó sórí àpótí, ó ró ìró àdìrẹ, ó we gèlè, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan. Màmá sanra dáadáa: èjìká gbòòrò, apá ki, ìdí kún àpótí. Ara yẹn ni gbogbo ọjà fi mọ̀ ọ́n.

Stable Diffusion, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ fún un, ni mo lò. Mo kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà sí img2img lásán, ibi tó ti ń tún àwòrán tí a bá fún un yà. Denoising strength ló ń sọ bí yóò ṣe yí fọ́tò padà tó. Tí ó bá wà ní 0.4, ara màmá dúró, àmọ́ fọ́tò náà ló ṣì jẹ́, bí ẹni da aró lé e lórí. Ní 0.8, ó di àwòrán fífín lóòótọ́, ara sì ti di ti ẹlòmíì. Kò síbi tó tẹ́ mi lọ́rùn láàárín méjèèjì, ni mo bá ṣí ControlNet, àfikún tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀lé ìlà tí a bá fún un.

Mo fi OpenPose, ọ̀kan nínú irinṣẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá oríkèé ara: ọrùn, èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún, kí ó sì fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Ìjókòó màmá bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí i tó bú sẹ́rìn-ín: “Bọ̀dá, màmá mi kọ́ nìyí o. Ṣé ẹ ní kí wọ́n gbààwẹ̀ ni?”

Ohun tó fà á ni pé ìlà láàárín oríkèé méjì kò ní ẹran lára. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹran bò ó, irú ara tó sì ti rí jù nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ló máa fi sí i. Tí èèyàn bá kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ àṣẹ pé kó sanra, yóò sanra, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísanra ti màmá yìí.

Canny, irinṣẹ́ mìíràn nínú ControlNet, ló mọ etí ara. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti pàdé lójijì ló máa ń fa ìlà funfun sí lórí dúdú, nítorí náà, etí apá àti ti ìdí yóò hàn. Wàhálà ibẹ̀ ni àdìrẹ. Gbogbo ọnà ara ìró di ìlà, ẹ̀rọ sì kà wọ́n sí ìṣẹ́po aṣọ, ara màmá wá wọ́. Ẹni tó bá ní ká gbé ìwọ̀n méjì tí Canny fi ń mọ ohun tó máa di ìlà sókè láti 100 àti 200 kí ìlà lè dín kù, yóò rí i pé etí apá ló kọ́kọ́ ń pòórá. Funfun lórí aró yàtọ̀ síra ju apá dúdú nínú òjìji ìsọ̀ lọ.

Ọwọ́ ni mo fi tún un ṣe. Mo gbé àwòrán onílà náà sínú GIMP tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, mo fi dúdú pa ọnà inú aṣọ àti ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ́. Ohun tí mo fi sílẹ̀ ni etí ara yíká, ọrùn bùbá, ẹnu apá aṣọ, ìsàlẹ̀ ìró àti àwọn ìka. Ibi tí etí apá òsì ti já, mo fi ìlà funfun tín-ín-rín so ó. Nígbà tí mo dá a padà sí ControlNet, mo yan none ní Preprocessor, ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tó máa sọ fọ́tò di ìlà, torí tí Canny bá tún gba orí rẹ̀ kọjá, ìlà kọ̀ọ̀kan á di méjì. Orúnkún tí OpenPose méfò lábẹ́ ìró, mo yọ ọ́ kúrò. Mo wá lọ sí txt2img, tó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ àṣẹ láìsí fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Control Weight ni agbára tí ìlà ní lórí àwòrán; Ending Control Step ni ibi tí ìlà ti ń jáwọ́, 1 sì ni òpin iṣẹ́:

```
canny     Control Weight 0.9  Ending Control Step 0.65
openpose  Control Weight 0.5  Ending Control Step 0.5
```

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ẹ̀rọ ti ń to ara sí àyè rẹ̀; ìparí ló ń fi ojú ọ̀bẹ fínfín sí i. Tí Canny bá dúró dé 1, ìlà á tín-ín-rín bákan náà káàkiri, kò ní jọ ohun tí wọ́n fín. Ẹ rí i pé àwòrán tuntun bá fọ́tò mu ní gígùn àti ìbú pẹ̀lú. Just Resize, ọ̀nà kan tí ControlNet fi ń mú ìlà bá ìwọ̀n àwòrán tuntun mu, lè na ara gbòòrò bí wọn kò bá dọ́gba.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbé àwòrán onílà lé èsì lórí, mo jẹ́ kó hàn dé ìdajì. Èjìká àti apá bọ́ sórí ìlà. Ìdí ọ̀tún ti wọlé díẹ̀; nígbà tí mo sún òpin Canny sí 0.75, ó padà sáyè. Ojú nìkan ni ìlà kò lè gbà là, torí ìlà tó bọ́ sójú kéré jù láti jọ ẹnìkan pàtó. Èyí ni mo fi ọwọ́ yà láti inú fọ́tò, ọmọ màmá jókòó tì mí, ó ń sọ ibi tí ìlà ilà ojú gbé yẹ kó gbà.