Sífíì Tó Rẹwà, Tí Kò Ní Nọ́ńbà Fóònù

₦5,000 ni mo san fún ẹni tó bá mi tẹ sífíì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan n'Ìkòròdú. Ó kun orí rẹ̀ ní búlúù, ó pín in sí ọ̀wọ́ méjì, àfi bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi í wá iṣẹ́ kiri, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ìbínú ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá fi ń to sífíì máa ń wá nínú rẹ̀, kò mọ ẹwà. Kí n lè rí ohun tí ẹ̀rọ náà ń rí, mo ṣí fáìlì náà ní Word, mo tẹ Ctrl+A, Ctrl+C, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Notepad, tí kì í gba àwọ̀ tàbí àwòrán.

Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ò sí, ímeèlì náà ò sí. Mo tún un lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì. Àṣé inú Header, àyè tó wà lókè ojú ìwé, lọ́gà wa tó tẹ̀ ẹ́ kó gbogbo wọn sí, Ctrl+A kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ń ka Header, òmíràn a fò ó. Èmi ò lè fi nọ́ńbà mi ta tẹ́tẹ́. Mo tẹ òkè ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kó lè ṣí, mo fi Ctrl+X gé wọn, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé gan-an. Àwòrán fóònù kékeré tó wà níwájú nọ́ńbà di àpótí òfìfo nínú Notepad. Mo pa á rẹ́, mo kọ “Phone:” dípò.

Èyí tó jẹ mí lákòókò jù ni ọ̀wọ́ méjì yẹn. Tábìlì ni, tí wọn ò fa ìlà sí. Ó kó gbogbo ọdún sínú ihò kan, ó kó gbogbo iṣẹ́ sínú èkejì. Lójú, wọ́n dọ́gba. Ẹ wo bó ṣe jáde:

```
2020–2023
2016–2019	Storekeeper
Sales Clerk
```

Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ tí mo ṣe dé 2023 ti di ti 2016 sí 2019, iṣẹ́ kejì ò sì lọ́dún kankan. Mo lo Convert to Text ní abẹ́ Layout ti tábìlì, àmọ́ tábìlì nìkan ló tú, ọ̀rọ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ ni mo fi tún un tẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́, iléeṣẹ́, ọdún. Wákàtí méjì gbáko! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ìwé òfìfo.

Ẹ gba fáìlì Word lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ tiyín, ẹ má gba PDF nìkan. Tèmi kọ́kọ́ fẹ́ gba ₦1,000 sí i kó tó fún mi.