Bí a ṣe ń ṣírò owó-orí àsúnsíwájú lórí ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ẹja ní Odógùnyàn, ní Ìkòròdú, ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n ra ọkọ̀ akẹ́rù méjì, ogún mílíọ̀nù náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦40,000,000. Ní òpin ọdún, èrè tó wà nínú ìwé wọn kí wọ́n tó yọ owó-orí jẹ́ ₦30,000,000. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún (30%) ni owó-orí ilé-iṣẹ́ nígbà náà, nítorí náà ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ á máa retí pé òun máa san ₦9,000,000. Ṣùgbọ́n ₦3,000,000 péré ni ìṣirò owó-orí fi hàn pé wọ́n jẹ ìjọba. Mílíọ̀nù mẹ́fà tó kù kò sọnù, ìjọba kò sì dáríjì wọ́n. Wọ́n sún un síwájú ni. Iṣẹ́ wa ni láti mọ̀ ọ́n, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì mọ ìgbà tó máa padà.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye ọkọ̀ náà nínú ìwé ilé-iṣẹ́

Bí ọkọ̀ ṣe ń gbó, a máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú iye rẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ogbó ni a ó máa pè é níbí. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń pinnu iye ọdún tí ọkọ̀ máa lò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́: ọkọ̀ tó ń ru ẹrù gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù lójoojúmọ́ kì í pẹ́ tó èyí tó ń rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tiwa pinnu ọdún mẹ́jọ, láìka iye kankan sí i lẹ́yìn náà. Ogójì mílíọ̀nù tí a pín sí mẹ́jọ jẹ́ ₦5,000,000 lọ́dún. Ní òpin 2015, iye inú ìwé jẹ́ ₦35,000,000.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye rẹ̀ lójú ìjọba

Ìjọba kì í gba owó ogbó tí ilé-iṣẹ́ yọ. Wọ́n máa ń ní kí a dá a padà sínú èrè, kí a wá yọ àláwánsì dúkìá tí òfin là sílẹ̀ dípò rẹ̀. Lábẹ́ òfin owó-orí ilé-iṣẹ́ tó wà lóde nígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gba àláwánsì ìbẹ̀rẹ̀ 50% lọ́dún àkọ́kọ́. Ohun tó bá kù yóò máa gba àláwánsì ọdọọdún 25%, iye kan náà lọ́dọọdún.

Ìdajì ogójì mílíọ̀nù jẹ́ ₦20,000,000. Ogún mílíọ̀nù tó kù, tí a bá mú 25% rẹ̀, jẹ́ ₦5,000,000. Méjèèjì ni a gbà lọ́dún àkọ́kọ́, àpapọ̀ ₦25,000,000. Iye tó kù lójú ìjọba ní òpin 2015 wá jẹ́ ₦15,000,000. Lọ́dún kejì ó di mẹ́wàá, lọ́dún kẹta ó di márùn-ún, lọ́dún kẹrin ó tán. (Òfin ní kí ₦10 ṣẹ́kù lórí dúkìá kọ̀ọ̀kan títí a ó fi tà á. A kò ní kà á sí nínú ìṣirò yìí.)

Aṣelọ́pọ̀ ni ilé-iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gba gbogbo àláwánsì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ọjà tó ń tà á kò lè yọ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ lọ lọ́dún kan, ìyókù á máa tẹ̀lé e wọ ọdún tó ń bọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbàgbé láti ka àláwánsì tí a kò tíì lò yẹn mọ́ iye ojú ìjọba. Ẹni tó bá gbàgbé á kọ gbèsè tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹ ó fi owó-orí lé lórí

Ìwé ilé-iṣẹ́ ní ₦35,000,000, ìjọba ní ₦15,000,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦20,000,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ku mílíọ̀nù márùndínlógójì owó ogbó tí ilé-iṣẹ́ ṣì máa yọ, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ìjọba ṣì máa jẹ́ kí wọ́n fi dín èrè kù. Lórí ogún mílíọ̀nù tó ṣẹ́kù, owó-orí ń bọ̀ wá kan wọ́n. Ẹ mú 30% rẹ̀: ₦6,000,000. Gbèsè owó-orí àsúnsíwájú nìyẹn, ó sì bá mílíọ̀nù mẹ́fà tí a ń wá mu.

Èyí ni bí ó ṣe máa lọ títí ọkọ̀ á fi gbó tán, ní mílíọ̀nù náírà:

| Òpin ọdún | Iye inú ìwé | Iye lójú ìjọba | Ìyàtọ̀ | Gbèsè (30%) | Ohun tó yí padà lọ́dún náà |
|---|---|---|---|---|---|
| 2015 | 35 | 15 | 20 | 6.0 | +6.0 |
| 2016 | 30 | 10 | 20 | 6.0 | 0 |
| 2017 | 25 | 5 | 20 | 6.0 | 0 |
| 2018 | 20 | 0 | 20 | 6.0 | 0 |
| 2019 | 15 | 0 | 15 | 4.5 | −1.5 |
| 2020 | 10 | 0 | 10 | 3.0 | −1.5 |
| 2021 | 5 | 0 | 5 | 1.5 | −1.5 |
| 2022 | 0 | 0 | 0 | 0 | −1.5 |

Ohun tó yí padà nìkan ló ń wọ ìwé èrè àti òfò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á. Òpó kẹrin lẹ́yìn ọdún ni iye gbèsè tó wà nílẹ̀ ní òpin ọdún, òpó ìkẹyìn sì ni ohun tó kan èrè ọdún yẹn. Lọ́dún 2015, a ó dẹ́bìtì ìnáwó owó-orí ní ₦6,000,000, a ó sì kírẹ́dìtì gbèsè owó-orí àsúnsíwájú ní iye kan náà. Lọ́dún 2016, gbèsè ṣì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà, nítorí náà a kò ní kọ ohunkóhun. Akọ̀wé owó tó bá tún kọ mílíọ̀nù mẹ́fà míì sílẹ̀, torí pé ó rí i ní òpin ìṣirò rẹ̀, á rí gbèsè méjìlá lórí ìwé nígbà tó jẹ́ pé mẹ́fà ló yẹ. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ máa yọ iye ọdún tó kọjá kúrò nínú ti ọdún yìí.

Láti 2019 ló ti ń padà. A ó dẹ́bìtì gbèsè ní ₦1,500,000 lọ́dọọdún, a ó sì kírẹ́dìtì ìnáwó owó-orí.

Ẹ fi ìdánwò kan yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ jẹ́ ká gbà pé èrè kò yí padà, ₦30,000,000 lọ́dọọdún. Lọ́dún 2015, ẹ dá owó ogbó márùn-ún padà, ẹ yọ àláwánsì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ku mílíọ̀nù mẹ́wàá. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́ta àti mẹ́fà tí a sún síwájú jẹ́ mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2019, àláwánsì ti tán: ọgbọ̀n àti márùn-ún jẹ́ mílíọ̀nù márùndínlógójì, owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦10,500,000. Ẹ yọ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tó padà, ó tún di mẹ́sàn-án. Nínú ọdún méjèèjì, 30% èrè inú ìwé gan-an ni a rí.

Bí kò bá jẹ́ 30%, ẹ wádìí ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ àṣìṣe, ó sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ tí kì í padà. Ká sọ pé nínú ìnáwó ọdún 2016, wọ́n san owó ìtanràn ₦1,000,000. Ìjọba kò ní gba owó yẹn lọ́dún yìí, wọn kò ní gbà á lọ́dún mìíràn. Èrè tí owó-orí wà lórí rẹ̀ á di mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n, owó-orí á di ₦9,300,000. Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà (₦300,000) tó lé yẹn, ẹ má ṣe sún un síwájú. Kò sí ọjọ́ kankan tó máa padà.

Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ kí ó tó gbó tán

Ká ní wọ́n ta méjèèjì ní òpin 2018 ní ₦22,000,000. Ìwé ilé-iṣẹ́ ní ogún mílíọ̀nù, èrè orí títa rẹ̀ jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba kò sí nǹkan kan tó kù lórí ọkọ̀ wọ̀nyẹn, nítorí náà gbogbo mílíọ̀nù méjìlélógún ni wọ́n máa kà mọ́ èrè, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,600,000. Ẹni tó rí èrè mílíọ̀nù méjì tí wọ́n wá ń béèrè owó-orí tó lé ní mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bó bá ti kọ owó-orí àsúnsíwájú sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè mílíọ̀nù mẹ́fà á parẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó máa kan èrè ọdún náà á jẹ́ ₦600,000, ìyẹn 30% mílíọ̀nù méjì. Ṣùgbọ́n kíkọ ọ́ sílẹ̀ kò kó owó pamọ́: mílíọ̀nù mẹ́fà àti ọ̀kẹ́ ọgbọ̀n náírà ni wọ́n máa san fún ìjọba lówó gidi. Ẹ rò ó mọ́ iye tí ẹ fẹ́ ta ọkọ̀ kí ẹ tó gbà fún oníbàárà.

Owó-orí wo ni kí ẹ lò lónìí?

Òfin ìṣirò IAS 12 ní kí a lo ìdá owó-orí tí a retí pé yóò wà lóde lọ́jọ́ tí ìyàtọ̀ náà bá padà, bí òfin bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ọdún ìṣirò tó parí. Ààrẹ buwọ́ lu òfin owó-orí tuntun ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000 lọ, á máa san 0%. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ta ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, tí kò sì tó ọgọ́rùn-ún, ń san 20%.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ń ta yìnyín àti ẹja dídì, mílíọ̀nù ọgọ́rin lọ́dún. Ní òpin 2024, ìyàtọ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ wọn jẹ́ ₦5,000,000, wọ́n sì kọ gbèsè 20% rẹ̀, ₦1,000,000. Ní òpin 2025, òfin tuntun ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá retí pé ọjà wọn kò ní kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, 0% ni ìyàtọ̀ yẹn máa padà lé lórí, kí wọ́n yọ mílíọ̀nù kan náà kúrò nínú gbèsè, kí ó sì wọ ìwé èrè ọdún 2025. Bí wọ́n bá ń kọ́ yàrá yìnyín kejì, tí ìṣirò ọjà wọn fi hàn pé wọ́n á kọjá ààlà náà lọ́dún méjì sí i, 30% ni kí wọ́n lò fún apá tó máa padà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ọ̀dítọ̀ á béèrè ìṣirò ọjà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi mọ́ ìwé.