Àwòrán ló ń jẹ ààyè ọ̀rọ̀ mi

Ìjíròrò mi pẹ̀lú ẹ̀rọ olóye àtọwọ́dá ń tètè kún, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ ò tó nǹkan. Àṣé àwọn àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí mo fi ránṣẹ́ ni. Mo kọ́kọ́ dín ìwúwo fáìlì wọn kù, kò yí nǹkan kan padà, torí píksẹ́lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, ni ẹ̀rọ náà ń kà. Lórí èyí tí mò ń lò, ìbú lọ́nà gígùn, ká pín in sí 750, ló ń fúnni ní nǹkan bí iye tókìnnì, ìyẹn ẹyọ tí ẹ̀rọ fi ń wọn ààyè ìjíròrò: 1000 × 1000 á gba bíi 1,333. Mẹ́wàá ni mo fi sí i! Wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀ bí ìjíròrò ṣe ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ tuntun, mo gé ibi tí àṣìṣe wà nìkan, 600 × 250: 200 péré. Gígé ni o, kì í ṣe fífún gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí lẹ́tà má baà di èyí tí kò ṣeé kà.